Àńtẹ́nà inú ilé ní Dartford: ìròyìn Kent wà ní 1, ti Lọ́ńdọ̀nù sá lọ sí 800

Àníkẹ́ Dartford

Ẹ kú ilé o. Àńtẹ́nà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ni mo fi ń wo Freeview. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló wà, búsítà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ní kí tẹlifíṣọ̀n tún ìkànnì wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìròyìn Kent ni BBC One tó wà ní 1 ń ka. Ti Lọ́ńdọ̀nù ti lọ sí 800 àti díẹ̀, ITV1 di méjì, àwọn HD tó máa ń wà ní 101 sókè kò sì sí mọ́. Ìyá ọkọ mi ò rí nǹkan tó máa ń wò mọ́. Ibo ni kí n gbé àńtẹ́nà sí, báwo ni mo sì ṣe máa to ìkànnì padà?

---

Gbénga Oníwáyà

Àǹtí Àníkẹ́, sígínàlì yín ló rẹ̀. Búsítà kékeré tó ń bá àwọn pẹlẹbẹ yẹn wá kò lágbára. Ẹ ra èyí tó gbóná, kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ti dìjítà ni, torí àńtẹ́nà àtijọ́ kì í mú dìjítà. Tí sígínàlì bá ti le, tẹlifíṣọ̀n á dá ti Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ fúnra rẹ̀.

---

Láńre Orí Òrùlé

Gbénga, òótọ́ ni pé HD tó sọnù fi hàn pé sígínàlì Lọ́ńdọ̀nù kò mọ́ tó lójú àńtẹ́nà yẹn. Ìyókù ni mi ò gbà.

Kò sí àńtẹ́nà tó mọ dìjítà yàtọ̀. Irin ni, ìgbì ló ń mú, kò mọ ohun tí wọ́n dì sínú ìgbì náà. April 2012 ni Crystal Palace, òpó tó ń gbé ti Lọ́ńdọ̀nù jáde, pa ìgbì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí kì í ṣe dìjítà tán. Àńtẹ́nà orí òrùlé tí wọ́n ti gbé síbẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, èyí tí ike ẹnu rẹ̀ pupa, ọ̀nà ìgbì 21 dé 37 ni wọ́n ṣe é fún. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìdì ìkànnì Crystal Palace wà títí dòní. Tí irú rẹ̀ bá ṣì dúró dáadáa lórí ilé, ó sàn ju pẹlẹbẹ tuntun èyíkéyìí lọ.

Àǹtí Àníkẹ́, òpó méjì ló ń bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti àárín Dartford, Crystal Palace wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20 sí ìwọ̀ oòrùn, ó kàn yà díẹ̀ sí gúúsù. Òpó Bluebell Hill tó ń gbé ti Kent jáde wà ní nǹkan bíi kìlómítà 25, gúúsù ìlà oòrùn ni tirẹ̀. Àńtẹ́nà pẹlẹbẹ ń gbọ́ iwájú, ó ń gbọ́ ẹ̀yìn, torí náà ó gbé àwọn méjèèjì wọlé. BBC One ti Kent dé lọ́nà tó mọ́ ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, ni tẹlifíṣọ̀n bá fi í sí 1, ó sì lé ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí 800, níbi tí Freeview ń kó ìkànnì tó bá ṣe méjì sí. Bí ẹ bá ra búsítà tó gbóná jù, Lọ́ńdọ̀nù á ga, Kent á ga, ariwo náà á ga. Ipò tí wọ́n wà sí ara wọn kò ní yí padà.

Kí n tó sọ ibi tí ẹ máa gbé e sí: ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì àńtẹ́nà wà lára ògiri yín?

---

Adé Thamesmead

Bọ̀dá Láńre, kí ló dé tí ẹ fẹ́ da ilé rú fún wọn? Inú mẹ́nù ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Tí tẹlifíṣọ̀n bá ti rí agbègbè méjì, ó máa ń béèrè ní òpin ìwákiri pé èwo ni ẹ fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń tẹ `OK` láì kà á, èyí tó wà lókè ló sì máa mú. Ẹ tún ìkànnì wá, ẹ fara balẹ̀ dé ibi tó ti kọ `Region`, ẹ yan `London`. BBC One ti Lọ́ńdọ̀nù á padà sí 1, ti Kent á lọ sí 800. Kò gba ìṣẹ́jú 10.

---

Àníkẹ́ Dartford

Mo yan London bí Bọ̀dá Adé ṣe wí. Ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ti padà sí 1, ITV1 ti Lọ́ńdọ̀nù náà ti wà ní 3. Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n 101 kò padà, BBC One sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ̀dá Láńre, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri, ihò méjì ló ní. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, kò mú nǹkankan. Fúláàtì ni, àjà kejì.

---

Láńre Orí Òrùlé

Adé sọ òótọ́ dé ibì kan. Yíyan agbègbè ń sọ èyí tó máa jókòó sí 1, àmọ́ kò sọ sígínàlì di mímọ́. Ti Kent tó mọ́ ló ti kúrò ní 1 yìí, ti Lọ́ńdọ̀nù tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ ló rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń fọ́.

Ẹ tún wo sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Nínú ihò méjèèjì, èyí tó ní ìdè tí wọ́n ń yí bíi nọ́ọ̀tì, ti sátẹ́láìtì ni sábà máa ń jẹ́. Èyí tó dán, tí wọ́n kàn ń ki nǹkan bọ̀, ni ti tẹlifíṣọ̀n. Tí ẹ bá ki wáyà bọ èyí tó tọ́ tí kò sì mú nǹkankan, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ilé bóyá àńtẹ́nà gbogbogbò wà lórí òrùlé àti bóyá iná ń dé ibi tí wọ́n ti ń pín in. Bí èyí bá ṣiṣẹ́, ẹ ju pẹlẹbẹ sílẹ̀.

Kó tó di ìgbà náà, ẹ jẹ́ ká wá ibi tó dáa fún pẹlẹbẹ. Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Irin inú tẹlifíṣọ̀n ń dí i lójú, wáyà HDMI tó wà níbẹ̀ sì ń tú ariwo tí àńtẹ́nà ń gbọ́. Kó jìnnà tó mítà kan àti ààbọ̀, ó kéré tán. Ẹ gbé e lọ sí fèrèsé tó kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀, kó ga bí wáyà bá ṣe lè dé. Tí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ńpáàsì fóònù wo ibẹ̀, nǹkan bíi 263 ni kó wà. Ẹ má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wò ó o, mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà máa ń ṣì í lọ́nà.

Ẹ yẹ gíláàsì fèrèsé náà wò. Lálẹ́, ẹ tan iná fóònù sún mọ́ ọn, ẹ ka àwòrán iná tó ń hàn nínú rẹ̀. Tí ọ̀kan bá ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ìyókù, wọ́n ti fi irin tín-ín-rín pa gíláàsì yẹn kí ooru má bàa jáde, ó sì ń lé sígínàlì padà. Nígbà náà, ògiri bíríkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lè dáa ju fèrèsé lọ.

Tí ẹ bá ti rí ibi kan, ẹ má kàn gbé e síbẹ̀ kí ẹ lọ. Ìgbì BBC One ti Crystal Palace gùn tó sẹ̀ǹtímítà 61. Èyí tó wọlé tààrà àti èyí tó kọ lu ògiri padà ń pàdé nínú yàrá. Níbi tí wọ́n bá ti pa ara wọn, sígínàlì á kú pátápátá, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sún un ní sẹ̀ǹtímítà 15 péré, ó lè jí. Torí náà ẹ sún un díẹ̀díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kúrò níwájú rẹ̀ (ara èèyàn ń dí i), ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ tó ka òṣùwọ̀n inú mẹ́nù. Òṣùwọ̀n yẹn máa ń lọ́ra. `Signal Quality` ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe `Signal Strength`.

---

Ìyá Ìbejì SE15

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ máà bínú pé mo gba ẹnu yín. Peckham ni tèmi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí òpó Crystal Palace láti fèrèsé. `Signal Strength` mi jẹ́ 100 nígbà gbogbo, síbẹ̀ àwòrán ń fọ́, ohùn ń gé. Àńtẹ́nà mi ní búsítà. Ṣé kí n gbé e jìnnà sí fèrèsé ni?

---

Láńre Orí Òrùlé

Ìyá Ìbejì, búsítà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Peckham kò ju kìlómítà 5 àti díẹ̀ lọ sí òpó, ìdì ńlá kọ̀ọ̀kan sì ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú agbára kílówáàtì 200. Ẹ̀ ń pariwo sétí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: ó ń gbọ́ ariwo, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tó bá pọ̀ jù, túnà á da ìdì kan mọ́ èkejì, `Strength` á dúró ní 100, `Quality` á máa já wálẹ̀.

Ẹ má kàn pa iná búsítà o. Ọ̀pọ̀ wọn, tí iná wọn bá kú, wọn kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá rárá, ẹ ó sì rò pé àńtẹ́nà ló bàjẹ́. Ẹ tú u kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, kí wáyà àńtẹ́nà wọ tẹlifíṣọ̀n tààrà. Tó bá ṣì ń fọ́, irin kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sí ìdí wáyà láti dín sígínàlì kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti 6 dB.

---

Gbénga Oníwáyà

Bọ̀dá Láńre, mo gbà ní ti Peckham. Ṣùgbọ́n Dartford jìnnà. Búsítà kì í ṣe ọ̀tá.

---

Láńre Orí Òrùlé

Kì í ṣe ọ̀tá lóòótọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rọ́pò ohun tí wáyà gígùn ń jẹ. Tí wáyà láti orí òrùlé bá gùn tó mítà 20, tàbí tí ẹ bá pín in fún tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, ẹ fi búsítà sí ìdí àńtẹ́nà lókè kí sígínàlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Wáyà àńtẹ́nà Àǹtí Àníkẹ́ kò lè gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Kí ni búsítà fẹ́ rọ́pò níbẹ̀? Kí wọ́n gbìyànjú pẹ̀lú rẹ̀ àti láìsí i, kí wọ́n sì fi èyí tí `Quality` rẹ̀ bá ga sílẹ̀.

---

Délé Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Ìbàdàn ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi fi tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, mo so ó mọ́ àńtẹ́nà GOtv, mo sì ṣe ìwákiri. Ó kó ìkànnì púpọ̀ jáde, ojú dúdú ni gbogbo wọn. Ṣé mo gbọ́dọ̀ yan London nínú `Region` ni?

---

Adé Thamesmead

Délé, rárá o. London kò ní ìtumọ̀ ní Ìbàdàn. Túnà yẹn dára: ọ̀nà tí GOtv ń gbà di ìkànnì, DVB-T2, náà ni Freeview ń lò fún HD, ìdí nìyẹn tó fi rí wọn. Wọ́n tì í pa ni. Àpótí GOtv tí wọ́n ń san owó sí ló ń ṣí i, ojú tẹlifíṣọ̀n lásán kò lè ṣí i. Ìkànnì tí wọn kò bá tì pa nìkan ló máa hàn fún ọ. Nínú mẹ́nù, wo `Country` kó má bàa jẹ́ pé ó ń to nọ́ńbà lọ́nà ti ibí.

---

Bàbá Ruka

Àníkẹ́ ọmọ mi, kó o tó tún ìkànnì wá lẹ́ẹ̀kan sí i, wo ojú ọjọ́. Tí ó bá tutù, tí afẹ́fẹ́ dúró jẹ́ẹ́, tí kùrukùru bá wà láàárọ̀ tí oòrùn sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, ìgbì tẹlifíṣọ̀n ọ̀nà jíjìn máa ń rìn dé ibi tí kì í dé. Tó o bá ṣe ìwákiri lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ti Kent á tún gòkè, àwọn mìíràn láti òdìkejì òkun lè wọlé, ti Lọ́ńdọ̀nù á fọ́. Ìwákiri tó kún máa ń nu àkójọ àtijọ́ kó tó kọ tuntun, ohun tí kò bá gbọ́ lọ́jọ́ náà ti sọnù nìyẹn. Bí àwòrán bá bàjẹ́ lójijì lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ dúró, fi ọwọ́ sílẹ̀, á padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀.

---

Láńre Orí Òrùlé

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yìí ló ti ba àkójọ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́.

Àǹtí Àníkẹ́, bí ẹ ṣe máa ṣe ìwákiri tí Kent kò fi ní wọlé rárá rèé. Ìdì ńlá mẹ́fà ni Crystal Palace ń gbé jáde, ìdì kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ń pè ní `UHF` tàbí `CH`:

```
CH 22   482 MHz
CH 23   490 MHz   BBC One, BBC Two
CH 25   506 MHz
CH 26   514 MHz   ITV1, Channel 4, Channel 5
CH 28   530 MHz
CH 30   546 MHz   HD: 101, 103, 104, 105
```

Ìwákiri máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 21, ó sì ń gòkè lọ. Kò sí nǹkan Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ nílò lókè 30. Ẹ kọ́kọ́ fa wáyà àńtẹ́nà yọ, ẹ ṣe ìwákiri lófìfo títí dé 100 kí àkójọ àtijọ́ lè nù. Ẹ ki wáyà padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwákiri lákọ̀tun, ẹ máa wo nọ́ńbà. Bó bá ti kọjá 30, ẹ fa wáyà yọ, ẹ jẹ́ kó parí láìsí i. Lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń wá láti 21 dé 48, ìwọ̀n 36 nínú 100 ni 30 máa bọ́ sí. Àwọn kan máa ń wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà nọ́ńbà ọ̀nà ni kí ẹ gbára lé.

Tí ọ̀kan bá ṣì yẹ̀, ẹ wọ `Manual Tuning`, ẹ tẹ nọ́ńbà ọ̀nà yẹn nìkan. Níbẹ̀ ni ẹ ti lè rí òṣùwọ̀n ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wá a, èyí sì wúlò jù fún gbígbé àńtẹ́nà kiri. Ẹ fi 30 ṣe òṣùwọ̀n yín: HD ló ti sọnù lọ́wọ́ yín, ibi tó bá ti mọ́ fún 30 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ yẹ 22, 25 àti 28 wò. Àwọn mẹ́ta yẹn kò ní ààbò tó 23 àti 26 nínú bí wọ́n ṣe dì wọ́n, wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọ́.

---

Adé Thamesmead

Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ pa ìmúdójúìwọ̀n aládàáṣe nínú mẹ́nù. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n máa ṣe ìwákiri fúnra rẹ̀ lóru nígbà tí ẹ ti sùn, á sì kó Kent wọlé padà.

---

Bàbá Ruka

Adé, mi ò fara mọ́ ọn. Ìyá àgbà ló wà nílé yẹn. Tí wọ́n bá gbé ìkànnì kan kúrò níbi tó wà, tí ìmúdójúìwọ̀n sì ti kú, ìyá á kàn rí ojú dúdú, kò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

---

Adé Thamesmead

Bàbá, ojú dúdú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún sàn ju kí nọ́ńbà máa yí padà láàárọ̀. Ojú ìwòye tèmi nìyẹn.

---

Àníkẹ́ Dartford

Ẹ kú làálàá. Mo ti ṣe é. Gíláàsì fèrèsé mi ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú nínú ọ̀kan lára àwòrán iná náà, torí náà mo gbé e sórí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ibi àkọ́kọ́, `Quality` ọ̀nà 30 jẹ́ 20. Mo sún un sókè díẹ̀ àti sí apá òsì ní nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó fò sí 80. Mo yọ búsítà, ó di 90. Ìwákiri parí, 101, 103, 104 àti 105 ti padà, kò sí nǹkankan ní 800 mọ́.

Ó ku méjì. Àwọn ìkànnì ọ̀nà 22 ń fọ́ lálẹ́ nìkan. Àti pé báwo ni mo ṣe máa kó èyí tí ìyá ń wò sójú kan?

---

Láńre Orí Òrùlé

Nípa ti ìyá, ẹ má gbé nọ́ńbà kúrò nípò wọn, ìwákiri tó ń bọ̀ á dá wọn padà. Ẹ fi `Favourites` ṣe é. Ẹ yan méje tàbí mẹ́jọ tí wọ́n ń wò, kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, kí ẹ sì fi bọ́tìnì rìmóòtù tí ń ṣí i hàn wọ́n. Àwọn ìkànnì ọjà tí ẹ kò fẹ́, ẹ fi pamọ́, ẹ má pa wọ́n rẹ́, torí wọ́n á padà wá. Ìwákiri tó kún máa ń nu `Favourites` lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà ẹ ya àkójọ náà sí fóònù kí ẹ lè tún un tò kíákíá.

Ní ti 22, alẹ́ nìkan mú mi fura sí gílóòbù LED. Ẹ pa iná yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ máa wo `Quality` 22.

---

Gbénga Oníwáyà

Tàbí ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì. Alẹ́ ni ọkọ̀ ń pọ̀ ní àdúgbò Dartford.

---

Láńre Orí Òrùlé

Ó lè jẹ́. Tí ọkọ̀ bá ni, á fọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, á sì dá. Tí gílóòbù bá ni, á fọ́ láti ìgbà tí wọ́n bá tàn án títí dìgbà tí wọ́n bá pa á.

---

Àníkẹ́ Dartford

Mo pa ti kíṣìnì lálẹ́ àná, `Quality` lọ sókè díẹ̀, ó sì tún já wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí iná náà ṣì kú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ fúláàtì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iná tiwọn. Màá lọ kan ilẹ̀kùn wọn ní Sátidé.